Ẹ Má Fi Iye Èṣí Kọ Ìṣúná Ọdún Yìí

Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama wa, ẹ̀yin ọ̀gá àgbà tó ń buwọ́ lùwé, ẹ̀yin akápò tó ń san owó, àti ẹ̀yin òbí tí owó yín ń wọ àpò náà, ẹ fetí sí mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò dùn létí, ṣùgbọ́n bí àgbà bá rí i tó dákẹ́, ó ti di alájọpín ẹ̀bi.

Àṣà burúkú kan ti wọ̀ wá lára. Bí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun bá ń bọ̀, olórí ẹ̀ka á fa ìwé ìṣúná èṣí yọ, á pa ọdún tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, á kọ tuntun sí i, á fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé gbogbo iye, á sì gbé e lọ. Ọ̀gá àgbà á gé díẹ̀ kúrò, torí ó mọ̀ pé wọ́n ti bù ú lé. Olórí ẹ̀ka pàápàá ti mọ̀ pé wọn yóò gé e, ohun tó mú un bù ú lé nìyẹn. Báyìí ni wọ́n ń ṣe é lọ́dọọdún, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó lè sọ ìdí tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń ra ìgò ásíìdì mẹ́rin, tí kì í ṣe méjì tàbí mẹ́jọ.

Mo ń kìlọ̀ fún yín: iye èṣí kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tó ń fi hàn kò ju pé ẹnì kan ná owó lọ. Kò sọ bóyá ó yẹ kó ná an, kò sì sọ ohun tó yẹ kó ná an lé lórí tí kò ná an.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ kí ẹ gbà ni ìṣúná láti òdo. Peter Pyhrr, tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Texas Instruments ní Amẹ́ríkà, ló kọ nípa rẹ̀ síta ní 1970. Jimmy Carter tó jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia mú un lò níbẹ̀, ó sì gbé e wọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà nígbà tó di ààrẹ ní 1977. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Gbogbo ohun tí ẹ̀ka fẹ́ rà bẹ̀rẹ̀ láti òdo lọ́dún tuntun. Kò sí èyí tó jogún àyè. Ohun tí kò bá rí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe sọ, òdo náà ni yóò wà.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀ka kẹ́mísírì wò, nítorí ibẹ̀ ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ọmọ 40 ní SS3 tí wọ́n ń múra fún ìdánwò WAEC. Ìwé èṣí wọn ní ìgò ásíìdì háídírókílórìkì mẹ́rin, ike sódíọ̀mù háídírọ́sáìdì mẹ́ta, àti bùrẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá. Bí a bá tẹ̀ lé àṣà, a ó fi díẹ̀ lé iye owó wọn, iṣẹ́ ti parí. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti òdo kò ní ṣí ìwé yẹn rárá. Ìlànà ẹ̀kọ́ ni yóò kọ́kọ́ ṣí, yóò sì béèrè pé: kí ni àwọn ọmọ wọ̀nyí fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe lọ́dún yìí?

Ìdáhùn kan ni títírésọ̀nù, ìyẹn wíwọn iye ásíìdì tí yóò pa agbára álíkálì inú fìláàsìkì. Olùkọ́ pinnu pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí ìdánwò tó dé. Ní ìjókòó kan, ọmọ á ṣe ìwọ̀n ìdánrawò kan, á sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mílílítà bíi 25 ni ó ń lò nígbà kọ̀ọ̀kan, ó di 100. Ẹ fi 50 kún un fún fífi omi ásíìdì náà ṣan bùrẹ́ẹ̀tì àti fún èyí tó bá dànù. Mílílítà 150 fún ọmọ kan nìyẹn. Ọmọ 40 á lo lítà 6 ní ìjókòó kan, ìjókòó mẹ́fà á sì gba lítà 36.

Ibí ni ojú ti ń là. Ásíìdì tí àwọn ọmọ ń lò kì í ṣe bó ṣe wà nínú ìgò. A ti fi omi là á gidigidi. Fún agbára 0.1 tí a sábà máa ń lò, mílílítà 8 àti díẹ̀ péré láti inú ìgò ásíìdì líle ni ó ń di lítà kan. Lítà 36 kò gbà ju mílílítà 300 lọ. Ìgò kan sì jẹ́ lítà 2 àti ààbọ̀. Ìgò kan ṣoṣo yóò tó àwọn ọmọ yìí lò fún ọdún mẹ́jọ, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì ń ra mẹ́rin lọ́dọọdún! Ẹni tó kọ mẹ́rin níjọ́un lè ní ìdí tirẹ̀: bóyá ọmọ pọ̀ nígbà náà, bóyá wọ́n ń lo ásíìdì fún nǹkan mìíràn. Ìdí yẹn ti lọ, iye rẹ̀ ṣẹ́ kù. Bí ẹ bá sì rí i pé nǹkan mìíràn wà tí ásíìdì náà ń ṣe lónìí, kí olùkọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ká ṣírò tirẹ̀ náà lọ́tọ̀.

Kí a tó kọ iye tí a fẹ́ rà, ẹ wọ sítọ́ọ̀. Ẹni méjì ni kó wọ̀ ọ́, olùkọ́ kan àti ẹnì kan tí kì í ṣe ará ẹ̀ka náà, kí wọ́n ka ohun tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó wo lẹ́jà. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ wo lẹ́jà, ojú wọn á máa wá ohun tí lẹ́jà sọ. Ká ní wọ́n bá ìgò ásíìdì kan tí a kò tíì ṣí àti ìdajì ọ̀kan. Èyí ju ohun tí a fẹ́ lò lọ, nítorí náà, iye ásíìdì tí a ó rà lọ́dún yìí ni òdo. Ẹ má ṣe jẹ́ kí òdo yẹn bà yín lẹ́rù. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ síwájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kíkà nìkan kò tó. Ẹ wo bí nǹkan náà ṣe rí. Ó lè jẹ́ pé ike sódíọ̀mù háídírọ́sáìdì kan wà níbẹ̀ tó kún dé ìdajì, tí ìdérí rẹ̀ sì ti là. Èròjà yìí máa ń fa ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù inú ilé mọ́ra. Bí hóró rẹ̀ bá ti lẹ̀ mọ́ra wọn tó sì ń ṣomi, gíráàmù tí ẹ bá wọ̀n kì í ṣe gíráàmù òun nìkan mọ́. Ìyẹn ti kúrò nínú ohun tí a ní, bó tilẹ̀ wà lórí pẹpẹ sítọ́ọ̀. Gíráàmù 4 ló ń ṣe lítà kan, lítà 36 á gba gíráàmù 144, ike tuntun kan tó jẹ́ gíráàmù 500 sì tó. Ọ̀kan ni a ó rà, kì í ṣe mẹ́ta.

Bùrẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ọmọ 20 ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan, 20 sì tún tẹ̀ lé wọn, nítorí náà bùrẹ́ẹ̀tì 20 ni a fẹ́. Ká ní a bá 23 tó dára. Ìwé tí a ń kọ ohun tó fọ́ sí fi hàn pé mẹ́rin ló ń fọ́ lọ́dún, bí a bá fi ọdún mẹ́ta pín in. Mẹ́ta tó lé sí 20 kò tó láti bo mẹ́rin yẹn. A ó ra méjì, kí ọ̀kan lè ṣẹ́ kù fún ọjọ́ ìdánwò gan-an. Ẹ̀ka tí kò ní ìwé ohun tó fọ́ kò lè sọ èyí. Àròsọ ni yóò máa sọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Nínú ìwé èṣí, omi kò sí níbẹ̀ rárá. Lítà 36 ti ásíìdì, lítà 36 ti álíkálì, àti omi tí a fi ń ṣan ohun èlò fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí òun náà tó lítà 36: gbogbo rẹ̀ jẹ́ lítà 108. Omi dísítíìlì ló yẹ kó jẹ́. Níbi tí wọn kò bá ti rà á, omi kànga ẹ̀rọ ni wọ́n ń bù. Nínú ọ̀pọ̀ omi kànga, iyọ̀ ilẹ̀ kan wà tó ń jẹ lára ásíìdì kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìdáhùn ọmọ á sì yà kúrò ní ti olùkọ́. A ó bú ọmọ pé ọwọ́ rẹ̀ kò balẹ̀. Ásíìdì ti pọ̀ jù láti ọdún pípẹ́, omi kò sí láti ọdún pípẹ́, dídà ìwé kọ sì ń mú àṣìṣe méjèèjì lọ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ìṣúná láti òdo wà fún gígé owó nìkan. Ó ń ṣí ojú wa sí ohun tí ebi ń pa.

Nísinsìnyí, báwo ni a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀? Ohun kọ̀ọ̀kan gba ojú ewé kan. Èmi yóò fi ti omi hàn yín. Iye owó tó wà níbẹ̀, àpẹẹrẹ lásán ni.

Nọ́ńbà: KẸM/07.

Ohun tí a fẹ́: omi dísítíìlì, kẹ́ẹ̀gì 5 tó jẹ́ lítà 25 ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ rẹ̀: títírésọ̀nù SS3, ìjókòó 6, ọmọ 40.

Ìṣirò: mílílítà 150 fún ásíìdì, 150 fún álíkálì, 150 fún ṣíṣan, ìlọ́po 40, ìlọ́po 6, lítà 108. Kẹ́ẹ̀gì 4 jẹ́ 100, kò tó. Kẹ́ẹ̀gì 5 jẹ́ 125. Lítà 17 tó lé wà fún èyí tó bá dànù.

Ohun tó wà nílẹ̀: kò sí. Àwa méjì la kà á, ọjọ́ kíkà àti ìbuwọ́lùwé wà nísàlẹ̀.

Iye owó: ọlọ́jà mẹ́ta, ₦10,000, ₦11,500 àti ₦12,000 fún kẹ́ẹ̀gì kan. A mú ti àkọ́kọ́. Àpapọ̀ ₦50,000. Ìwé wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ọjọ́ wà lẹ́yìn ojú ewé yìí.

Ọ̀nà mìíràn tí a gbé yẹ̀ wò: kí a ra ẹ̀rọ tó ń sè é, iná mànàmáná wa kò dúró, a fi í sílẹ̀. Kí a dín ìjókòó kù sí 4: lítà 72, kẹ́ẹ̀gì 3.

Bí a kò bá rà á: omi kànga ni a ó lò, ìdáhùn ọmọ kò ní ṣe é gbára lé.

Ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò: orúkọ méjì.

Ẹ kíyè sí i pé ìṣirò àti iye owó kò sí lórí ìlà kan náà. Mo mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Iye tí a fẹ́ lò jẹ́ ọ̀rọ̀ olùkọ́, iye owó rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà. Bí ọjà bá fò sókè láàárín oṣù méjì, bó ṣe ń fò ní ilẹ̀ wa, iye owó nìkan ni a ó tún kọ. Lítà 108 kò yí padà. Ẹ wo ìlà ọ̀nà mìíràn náà dáadáa. Bí owó kò bá tó, ọ̀gá àgbà kò ní dijú fi ọ̀bẹ gé e. Yóò mọ̀ pé gígé kẹ́ẹ̀gì méjì túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ yóò pàdánù ìjókòó méjì, yóò sì buwọ́ lu ìyẹn pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ to gbogbo ojú ewé náà ní ẹsẹẹsẹ. Àkọ́kọ́ ni ohun tí ìdánwò kò lè wáyé láìsí i àti ohun tí ẹ̀mí ọmọ rọ̀ mọ́, bí ìbòjú tí ń dáàbò bo ẹyinjú àti ìgò ìpaná tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Èkejì ni ohun tó ń mú iṣẹ́ péye. Ẹ̀kẹta ni ohun tó wù wá. Ibi tí owó bá tán sí, ẹ fa ìlà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kan: àwọn olórí ẹ̀ka kan máa ń fi ohun tó wù wọ́n sókè, wọ́n á sì fi ìgò ìpaná sí ìsàlẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé kò sí ọ̀gá tó máa gbà kí ó já bọ́. Ọ̀gá àgbà tó bá rí ohun ààbò nísàlẹ̀ ìlà, kó dá ìwé náà padà láì san kọ́bọ̀.

Nígbà tí a bá rà á tán, ìwé kò tíì parí. KẸM/07 yẹn gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí ọlọ́jà, lórí ìwé tí a fi gba ẹrù, nínú lẹ́jà sítọ́ọ̀, àti lórí rìsíìtì. Àwọn rìsíìtì tí ẹ̀rọ kékeré ń tẹ̀ máa ń ṣá, wọ́n sì lè di ìwé funfun; ẹ ṣe ẹ̀dà wọn lọ́jọ́ tí ẹ gbà wọ́n. Ọ̀nà tí a fi ń dán iṣẹ́ yìí wò ni pé kí àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mú rìsíìtì kan láìyàn, kí ó sì lè rìn padà láti orí rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó lo nǹkan náà, láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá ní láti béèrè, ojú ewé kan ti sọnù.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ni mo ń sọ. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà sọ pé láti òdo ni àwọn ti ṣe ìṣúná 2016. Ní oṣù kejì ọdún náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adéwọlé, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà, sọ níwájú ìgbìmọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà pé àwọn iye kan tó wà nínú ìṣúná iléeṣẹ́ òun kì í ṣe èyí tí àwọn kọ. Orúkọ ọ̀nà náà dára, ṣùgbọ́n iye wọ inú ìwé tí ẹni tó ni ìwé kò mọ̀ ọ́n. Níbi tí ojú ewé kọ̀ọ̀kan bá ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ìṣirò rẹ̀, iye àlejò kò ní ríbi fara pamọ́ sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń yẹ ìwé wò, ẹ mọ àmì ìwé tó ń díbọ́n. Bí ìdí tí a kọ bá jẹ́ “fún ìlò ẹ̀ka”, kò sí ìdí níbẹ̀. Bí ìwé ọlọ́jà mẹ́ta bá jọ ara wọn ní ọwọ́ ìkọ̀wé tàbí ní nọ́ńbà fóònù, ọlọ́jà kan ni. Bí ọjọ́ orí rìsíìtì bá ṣáájú ọjọ́ tí a fọwọ́ sí i, wọ́n ti rà á kí wọ́n tó wá ìdí. Bí gbogbo iye bá parí sí ẹgbẹ̀rún géérégé, tí àpapọ̀ rẹ̀ sì bá ti èṣí mu pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́wàá lórí, wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Irọ́ lè rìn fún ogún ọdún. Ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a.

N kò ní fi ìnira rẹ̀ pa mọ́ fún yín. Iṣẹ́ yìí ń jẹ àkókò. Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń bí wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì pa á tì níbẹ̀ ní 1981, nígbà ìjọba Ronald Reagan. Olùkọ́ tó ń kọ́ kíláàsì mẹ́rin kò lè kọ ojú ewé kan fún ìṣáná. Ẹ kó àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ jọ, ìṣáná, òwú, ṣọ́ọ̀kì, ọṣẹ, sí ojú ewé kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi òté lé e pé kò gbọ́dọ̀ kọjá iye báyìí. Ẹ má sì da gbogbo ẹ̀ka láàmú lọ́dún kan náà. Bí kẹ́mísírì bá bẹ̀rẹ̀ láti òdo lọ́dún yìí, kí ó kan bàọ́lọ́jì lọ́dún tó ń bọ̀ àti físíìsì lẹ́yìn rẹ̀. Kíkà sítọ́ọ̀ nìkan ni kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ lọ́dọọdún fún ẹnikẹ́ni. Owó oṣù olùkọ́ kì í ṣe ti ẹ̀ka láti pinnu. Ẹ má ṣe fi í kún un kí ìwé lè nípọn.

Ìkìlọ̀ mi ìkẹyìn rèé, ó sì kan àwọn ọ̀gá àgbà jù. Ẹ̀ka tó bá kọ òdo sí iwájú ásíìdì, ẹ má ṣe fi owó rẹ̀ jẹ ẹ́ níyà. Ká ní ₦72,000 ni ìgò mẹ́rin jẹ́ nínú ìwé èṣí. Bí ẹ bá kó o lọ pátápátá, tí ẹ kò sì gbé kọ́bọ̀ lé omi tí wọ́n fi ìṣirò béèrè, ẹ ti kọ́ gbogbo olórí ẹ̀ka yòókù pé òmùgọ̀ ló ń sọ òótọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, ìgò mẹ́rin yóò padà sínú ìwé, pẹ̀lú ìdí tó dán. Ẹ san ₦50,000 ti omi, kí ẹ gba ₦22,000 tó kù, kí ẹ sì kọ méjèèjì sójú ibi tí àwọn òbí yóò ti kà á.